Bí A Bá Pa Orúkọ Ẹgbẹ́ Rẹ́, Ta Ni Yóò Mú Un?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú ẹ̀ka wa lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣooṣù, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Àwọn kan nínú wa dá a lábàá ní ìpàdé pé kí á pa àkáǹtì ẹgbẹ́ rẹ́ pátápátá, èyí tí ó wà lórí Tuítà, tí wọ́n ń pè ní Ẹ́kìsì láti ọdún 2023, àti èyí tí ó wà lórí Ísítágíráàmù, kí á sì ṣí òmíràn ní orúkọ titun. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé akọ̀wé tí ó ṣí i nígbà náà ti padà sílé, àti pé àwọn àwòrán ìgbà tí aáwọ̀ wà láàárín wa ṣì wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò.

A gbọ́ wọn yé. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí àwọn àwòrán náà. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àbá yìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n dá a lábàá rò pé bí a bá ti pa orúkọ rẹ́, orúkọ náà ti kú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìkànnì wọ̀nyí, orúkọ tí a pa rẹ́ a máa padà sórí àtẹ, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ nawọ́ mú un ni ó ni ín.

Ẹ̀yin ará Òkè Ọya ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ojú irin ti so Pọ́tákọ́ọ̀tù yìí pọ̀ mọ́ Kàdúná, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé nínú wa sì ti ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Bí ẹnìkan bá kú níhìn-ín, orúkọ ẹgbẹ́ tí a tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà àti sórí rìsíìtì ni ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Kánò yóò tẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ láti mọ ọjọ́ ìsìnkú àti nọ́ńbà báǹkì tí yóò fi owó ránṣẹ́ sí. Ẹni yòówù kí ó jókòó sídìí orúkọ náà lọ́jọ́ yẹn ni yóò gba owó òkú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ la ohun tí orúkọ ìdánimọ̀ jẹ́. Bí ènìyàn bá ṣí àkáǹtì, ilé iṣẹ́ tí ó ni ìkànnì náà yóò fún un ní nọ́ńbà kan tí ojú wa kì í sáàbà rí. Nọ́ńbà yìí ni àkáǹtì gan-an. Òun ni a so àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti kọ mọ́, òun náà ni a so àwọn tí ń tẹ̀lé wa mọ́, kì í sì í yí padà. Orúkọ tí ó ní àmì `@` níwájú jẹ́ pátákó tí a kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà lásán. A lè yọ pátákó kúrò ní ilé kan kí á gbé e kọ́ sí ilé mìíràn, ilé kìíní kò ní wó, ilé kejì kò sì ní jogún ẹrù tí ó wà nínú ti kìíní.

Gbogbo ayé rí èyí ní ọjọ́ ogún oṣù kìíní ọdún 2021. Orúkọ `@POTUS` ni ti Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí Tuítà. Ní ọjọ́ tí Dọ́nálì Trọ́ǹpù kúrò lóyè, wọ́n yí orúkọ àkáǹtì rẹ̀ sí `@POTUS45` kí ohun tí ó ti kọ lè wà nípamọ́. Àkáǹtì mìíràn tí wọ́n ń pè ní `@PresElectBiden` ni wọ́n wá fún ní orúkọ `@POTUS`. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí wọ́n ń tẹ̀lé `@POTUS` ní àná kò sí lẹ́yìn `@POTUS` ti òní. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò pa ohunkóhun rẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí orúkọ náà wà láìní olówó.

Nítorí náà, bí a bá pa àkáǹtì tiwa rẹ́, tí ọlọ́jà kan sì mú orúkọ wa, kò ní rí àwọn ọ̀rọ̀ wa àtijọ́ gbà, kò ní rí lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ wa kà, àwọn tí ń tẹ̀lé wa kò sì ní di tirẹ̀. Èyí jẹ́ ìtùnú díẹ̀. Ohun tí yóò rí gbà ni gbogbo ohun tí ó tọ́ka sí pátákó náà: kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri yín ní Sàbó Gàrí, rìsíìtì ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìwé ìpè sí àjọ̀dún, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kọ tí wọ́n fi dárúkọ wa, àti orí àwọn àgbà tí wọ́n ti há orúkọ náà sórí. Ẹni tí ó bá tẹ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí yóò bọ́ sí ilé àlejò, ara kò sì ní fu ú rárá, nítorí pé orúkọ náà kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Àwọn agbájúẹ̀ a máa ṣe wàhálà láti wá orúkọ tí ó jọ tiwa, wọn a fi àmì kan kún un tàbí kí wọ́n yọ lẹ́tà kan kúrò. Àwa ni yóò wá gbé ojúlówó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ti pẹ́ tó kí orúkọ tó bọ́ sílẹ̀? Lórí Ẹ́kìsì, bí ènìyàn bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa, wọn a fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá wọlé láàárín ọjọ́ náà, àkáǹtì yóò jí padà. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, ó parí, àwọn fúnra wọn sì kọ ọ́ sínú àlàyé wọn pé ẹlòmíràn lè fi orúkọ náà ṣí àkáǹtì. Ísítágíráàmù náà ń fún ni ní ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì sọ pé ẹni tí ó pa tirẹ̀ rẹ́ lè tún orúkọ náà mú bí ẹlòmíràn kò bá tíì mú un. Ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Ti Gúgù ni ó yàtọ̀: àdírẹ́sì Jímeèlì tí a bá pa rẹ́, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni mọ́ láé, ìbáà jẹ́ olówó rẹ̀ ni ó pa á tàbí Gúgù fúnra rẹ̀ ni ó pa á nítorí pé a kò lò ó fún ọdún méjì. Lójú tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo wọn máa ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ kúkúrú tí ó dára kò pọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí sì ń fẹ́ kí àlejò titun rí orúkọ rere mú.

Ìfẹ́ yẹn ni ó sún Yahúù dé ibi tí ó dé ní ọdún 2013, ó sì yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ìtàn náà, nítorí pé kò sí ilé Yorùbá kan níhìn-ín tí kò ní àdírẹ́sì Yahúù nígbà tí a ń sanwó wákàtí kọ̀ǹpútà ní kàfé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Yahúù kéde pé àdírẹ́sì tí ẹni tí ó ni ín kò bá wọ̀ fún oṣù méjìlá yóò di òfo, àwọn yóò sì fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ pa tirẹ̀ mọ́ wọlé kí ó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje. Àwọn tí wọ́n mọ nǹkan pariwo pé ewu ń bẹ. Yahúù dáhùn pé kò séwu, pé fún ọgbọ̀n ọjọ́ ni àwọn yóò fi máa dá lẹ́tà padà kí ayé lè mọ̀ pé àpótí náà ti kú.

Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹsàn-án, àwọn tí wọ́n gba àdírẹ́sì titun bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ní gbangba pé lẹ́tà ẹlòmíràn ni àwọn ń gbà. Ọ̀rọ̀ dókítà wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, àti orúkọ àti àdírẹ́sì ilé olówó àtijọ́. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn tí wọ́n gba àpótí kò jí i, àwọn tí ó fi í sílẹ̀ kò tà á. Ó rí bí àpótí ìfìwéránṣẹ́ ní Posọ́fíìsì tí ẹnìkan kò san owó rẹ̀ mọ́: ọ̀gá posọ́fíìsì gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ̀wé láti Jọ́ọ̀sì kò mọ̀, nọ́ńbà àpótí tí ó mọ̀ ni ó ń kọ.

Yahúù wá fi bọ́tìnnì kan kún un tí àwọn onílé titun lè tẹ̀ láti sọ pé lẹ́tà yìí kì í ṣe tèmi. Àwọn àti Fesibúùkù tún jọ ṣe ohun tí ó gbọ́n ju èyíinì lọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà fún gbogbo ayé ní ọdún 2014. Bí Fesibúùkù bá fẹ́ fi lẹ́tà àṣírí ránṣẹ́, yóò kọ ìlà kan sórí rẹ̀ báyìí:

```
Require-Recipient-Valid-Since: eni@yahoo.com; Sat, 1 Jun 2013 09:23:01 -0700
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ni àpótí yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ó ṣì ni ín lónìí, fún un, bí ó bá jẹ́ pé ó ti yí ọwọ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ náà, dá a padà fún mi. Ọgbọ́n dáadáa ni, ṣùgbọ́n kìkì ibi tí ẹni tí ń ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á bá ti jọ ń lò ó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìfowópamọ́ tàbí ìkànnì tí kò kọ ìlà yẹn kò ní ààbò kankan.

Ìdí tí a fi ń sọ ti Yahúù ni pé orúkọ kì í dá dúró. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé e ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ká sọ pé orúkọ ẹ̀ka kan ni `egbewa_ph`, àpẹẹrẹ lásán ni. Wọn kò pa á rẹ́, wọ́n kàn fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣí i, àdírẹ́sì Yahúù ti akápò àti nọ́ńbà fóònù akọ̀wé ni wọ́n fi sí i. Akápò ti kú, kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Akọ̀wé ti lọ sílé, ó ti ra síìmù mìíràn. Gẹ́gẹ́ bí òfin àjọ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n lè ti nọ́ńbà tí a kò fi ṣe ohun tí ó mú owó wọlé fún oṣù mẹ́fà pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, olówó rẹ̀ lè pàdánù rẹ̀, wọn a sì tà á fún ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan ra síìmù náà ní ọjà, ó rí i pé àwọn ìkànnì ń fi nọ́ńbà kékeré ránṣẹ́ sí òun. Bí ó bá jẹ́ ọmọ rere, yóò pa á rẹ́. Bí kò bá jẹ́ ọmọ rere, yóò lọ sí ojú ìwọlé, yóò tẹ `Forgot password?`, nọ́ńbà yóò bọ́ sínú fóònù rẹ̀, yóò sì wọlé. Ní ti ọ̀nà yìí, kì í ṣe pátákó nìkan ni ó gbà, gbogbo ilé ni, pẹ̀lú àwọn tí ń tẹ̀lé wa àti àwọn lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ wa. Èyí burú ju kí a pa á rẹ́ lọ. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé kí a kàn fi àkáǹtì náà sílẹ̀ kí koríko hù sí i, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nọ́ńbà àlòkù jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá inú mú ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò kan ní Àsàbà, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, nítorí nọ́ńbà tí ó rà. Ọmọbìnrin Ààrẹ Mùhámádù Bùhárí ni ó ti lo nọ́ńbà náà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ó lò ní àhámọ́. Ní ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àsàbà dá a láre, wọ́n sì ní kí á san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún un. Ẹni tí ó jogún orúkọ ẹlòmíràn láìmọ̀ lè jìyà rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò wí pé òfin wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Òfin ọdún 2015 tí ó de ìwà ọ̀daràn lórí ẹ̀rọ ayélujára ní Nàìjíríà sọ ní abala 22 pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn, alààyè tàbí òkú, láti jèrè tàbí láti gba ohun ìní, lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù méje náírà lọ, tàbí méjèèjì. Abala 25 tún bá ẹni tí ó mú orúkọ tí ẹlòmíràn ni tàbí tí ó ń lò wí, tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i, tí ó sì fẹ́ fi dí olówó rẹ̀ lọ́wọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí mílíọ̀nù márùn-ún náírà, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ó dá orúkọ náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti há. Òfin ń bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni náà. Bí télọ̀ kan ní Dáyóbù bá mú orúkọ tí àwa fúnra wa jù sílẹ̀, tí ó sì fi ń polówó aṣọ rẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ti àwọn ilé iṣẹ́ ìkànnì: wọn a máa gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ń fi àwòrán wa àti àmì ẹgbẹ́ wa ṣe bí ẹni pé àwa ni òun, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó jọra nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Títí tí télọ̀ náà yóò fi tà á fún agbájúẹ̀, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bí orúkọ kan bá ti yí ọwọ́ padà? Ẹ wo ọjọ́ ìbí àkáǹtì náà. Lórí Ẹ́kìsì ó wà lábẹ́ orúkọ, níbi tí a kọ `Joined` sí. Lórí Ísítágíráàmù, ẹ tẹ orúkọ náà kí ẹ sì wo `About this account`. Yóò sọ oṣù tí wọ́n ṣí i. Lórí ojú ewé Fesibúùkù, `Page transparency` ni ẹ ó wá, yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti orúkọ tí ó ti jẹ́ rí. Bí ẹgbẹ́ bá ti ń lo orúkọ kan láti ọdún 2014, tí àkáǹtì wá wí pé oṣù tí ó kọjá ni wọ́n bí òun, tí àwọn tí ń tẹ̀lé e kò pé ogún, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ ọjọ́ ìbí tí ó ti pẹ́ kò fi hàn dájú pé ẹni rere ni, nítorí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè ra àkáǹtì àgbàlagbà kan kí ó sì yí orúkọ rẹ̀ sí tiwa. Ẹ pe ẹnìkan tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ níhìn-ín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀ka ṣe dípò àbá yẹn kò le. Kí á di orúkọ náà mú. Bí àwòrán ìgbà aáwọ̀ bá ń dun àwọn kan, kí á pa àwọn àwòrán náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àkáǹtì dúró. Bí a bá fẹ́ orúkọ ńlá titun lókè ojú ewé, a lè yí ìyẹn padà láìfọwọ́kan orúkọ tí ó ní `@`. Kí a yọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà akọ̀wé àtijọ́ kúrò nísinsìnyí tí ó ṣì wà láàyè tí síìmù rẹ̀ sì ń dún, kí a fi àdírẹ́sì Jímeèlì tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka sí i, kí síìmù ẹ̀ka wà lọ́wọ́ akápò, kí á sì máa fi pè ní oṣooṣù kí ó má bàa kú. Kí á kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé, kí á lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó wà nínú àpótí pẹ̀lú ìwé báǹkì, kí a sì yí i padà ní ọjọ́ tí a bá yan olóyè titun.

Bí ìpàdé bá kọ̀ tí wọ́n sì takú pé àfi kí àkáǹtì àtijọ́ lọ, ọ̀nà kan ṣì wà. Kí ènìyàn méjì jókòó pẹ̀lú fóònù méjì. Ẹni kìíní yóò yí orúkọ àkáǹtì àtijọ́ sí ohun tí kò nítumọ̀. Bí ó ti ń ṣe é tán, ẹni kejì yóò tẹ orúkọ wa sórí àkáǹtì titun. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè pa ti àtijọ́ rẹ́. Ewu díẹ̀ wà láàárín ìṣẹ́jú tí orúkọ fi wà ní afẹ́fẹ́, Ísítágíráàmù sì lè di orúkọ náà mú fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí àkáǹtì àtijọ́ lè gbà á padà bí ó bá fẹ́. Nítorí náà, kí á má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí òkú ń bẹ nílẹ̀ tí àwọn ará Òkè Ọya ń fi owó ránṣẹ́.

Akọ̀wé àtijọ́ ti sọ fún wa lórí fóònù pé òun ṣe tán láti fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà lé ẹ̀ka lọ́wọ́ nígbàkígbà tí a bá yan ẹni tí yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ náà yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. Kí ẹni tí ó bá ní kàlẹ́ńdà tàbí rìsíìtì tí ó ní orúkọ náà lára mú un wá, kí á lè mọ iye ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́ sí.